Abẹ́rẹ́ tí kò yé jó: bí a ṣe ń yan ìgbà tí kọ̀ntúróólà yóò máa ka sẹ́ńsọ̀

Ilé àlejò kan wà lápá òkè ní Adó-Èkìtì. Pọ́ǹpù kan ló ń ti omi láti inú tánkì ilẹ̀ gòkè lọ sí àwọn yàrá. Wọ́n ní kí n ṣe é kí omi máa jáde ní agbára kan náà, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ló ń wẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni mẹ́wàá. Mo so sẹ́ńsọ̀ mọ́ páìpù. Mo fi dírááfù sí ìdí mọ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú eré mọ́tò pọ̀ sí i tàbí dín kù. Mo kọ kóòdù sínú bọ́ọ̀dù kékeré kan, òun ni kọ̀ntúróólà, pé kí ó di agbára omi mú ní 3 báà. Bí mo ti tan án ni abẹ́rẹ́ géèjì bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, bí ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ sí ara wọn, kò sì rẹ̀ ẹ́. Màmá tó ni ilé jáde wá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá pọ́ǹpù.

“Ẹ̀njíníà, ṣé bó ṣe máa máa jó nìyí?”

“Rárá o, Mà. Ẹ fún mi láàyè díẹ̀.”

Àìsàn méjì ló lè mú abẹ́rẹ́ jó báyìí, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Èkíní ni pé kọ̀ntúróólà ń pẹ́ jù kó tó dáhùn. Èkejì ni pé ohun tó ń kà kì í ṣe òótọ́. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìtọ́sọ́nà yìí ni pé oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún èkejì máa ń mú èkíní le sí i. Ilé yìí sì fi àwọn méjèèjì hàn mí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Mọ ohun tí ìdádúró ń ná ọ

Kọ̀ntúróólà oní-nọ́ńbà kì í wo omi nígbà gbogbo. Ó máa ń lajú, á ka sẹ́ńsọ̀, á ṣe ìṣirò, á pàṣẹ fún dírááfù, á sì dijú títí di ìgbà tó tún máa lajú. Àárín ìlajú kan sí èkejì ni mo ń pè ní T. Bí T bá jẹ́ 200 ms, a jẹ́ pé ó ń kà á ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 5 Hz.

Ní gbogbo ìgbà tó dijú, àṣẹ àtijọ́ ló wà lórí mọ́tò. Tí a bá pín in dọ́gba, àṣẹ náà ti gbó tó ìdajì T. Ọ̀pọ̀ kóòdù tún wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣírò ní ìlajú yìí, ìlajú tó ń bọ̀ ni wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ìyẹn fi odindi T kan kún un. Àpapọ̀ ìdádúró wá di ìlọ́po kan ààbọ̀ T. Bẹ́ẹ̀ ni kóòdù mi ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ìdádúró ń ba nǹkan jẹ́ bó ṣe ń ba jangílọ́fà jẹ́. Bí o bá fẹ́ dá ọmọ tó wà lórí jangílọ́fà dúró, o ní láti fọwọ́ dí i nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Bí ọwọ́ rẹ bá pẹ́ tó ìdajì ìfì kan, ìgbà tó ń lọ ni ọwọ́ rẹ tó kàn án, o sì ti wá ń tì í lọ síwájú. Ìfì kan pé ní dígírì 360, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 180. Ohun tó ṣẹ́kù kí lúùpù rẹ, ìyẹn ìyípo kíkà, ìṣirò àti àṣẹ yẹn, tó pẹ́ dé 180 yẹn ni ààyè féèsì. Bí ó bá ku 60, ara lúùpù balẹ̀. Bí ó bá ku 30, á máa ta gìrì. Bí kò bá ku nǹkan kan, abẹ́rẹ́ á máa jó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìṣirò ohun tí ìdádúró ń jẹ kò le:

```
dígírì tó sọnù = 360 × fc × ìdádúró
```

`fc` ni ìyára lúùpù, ìyẹn iye Hz tí agbára lúùpù ti dín kù sí ẹyọ kan ṣoṣo. Òun ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ T rárá.

Kọ́kọ́ wọn pọ́ǹpù náà

Pa kọ̀ntúróólà, kí o fi ọwọ́ darí dírááfù. Ṣí ẹ̀rọ omi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ kí omi máa ṣàn dọ́gba. Mo fi dírááfù sí 35 Hz, omi dúró ní 2.4 báà. Mo gbé e lọ sí 38 Hz lẹ́ẹ̀kan náà, omi gòkè, ó sì dúró ní 2.8. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.4 báà. Wá wo ìgbà tó gbà á kó tó dé ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ yẹn, ìyẹn nǹkan bíi 2.65 báà. Tèmi gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.

Ohun kan wà tó lè tàn ọ́ jẹ níbí. Dírááfù ní àyè kan tí a ti ń sọ fún un bí ìṣẹ́jú àáyá ṣe máa pọ̀ tó kó tó sáré láti 0 dé 50 Hz. Bí wọ́n bá fi í sí 10, ìgbéga 3 Hz yóò gba 0.6 ìṣẹ́jú àáyá fúnra rẹ̀. Ohun tí o rò pé pọ́ǹpù ni o ń wọ̀n, dírááfù ni. Mo dín tèmi kù sí 1 kí n tó wọn ohunkóhun.

Mo fi apá tí ń kó àṣìṣe jọ nínú kọ̀ntúróólà sí 0.5 ìṣẹ́jú àáyá, kó bá ti pọ́ǹpù mu. Mo yan `fc` ní 0.64 Hz, nítorí pé mo fẹ́ kí omi padà bọ̀ sípò láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹnìkan bá ṣí ṣáwà. Fún ìyẹn, agbára ìdáhùn wá jẹ́ bíi 15 Hz fún báà kọ̀ọ̀kan. Apá tí ń kó àṣìṣe jọ ti gba dígírì 90 nínú 180. Sẹ́ńsọ̀ àti dírááfù máa ń pẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú, bíi 0.1 ìṣẹ́jú àáyá lápapọ̀, èyí sì gba bíi 22. Ó ku 68. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ nìyẹn kí kọ̀ntúróólà tó dijú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wá wo ohun tí mo ṣe. T mi jẹ́ 200 ms, ìdádúró 300 ms. 360 × 0.64 × 0.3 jẹ́ 69. Mo ná 69 nínú 68. Ìfì kan ní 0.64 Hz sì gba bíi 1.6 ìṣẹ́jú àáyá, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń jó gan-an nìyẹn. Bí àkókò ìjó bá sún mọ́ 1/`fc` báyìí, ìdádúró ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn kan á sọ pé òfin Nyquist ní kí a kàn kà ní ìlọ́po méjì ohun tó yára jù, àti pé 5 Hz sì ju ìlọ́po méjì 0.64 lọ dáadáa. Òótọ́ ni òfin náà, àmọ́ ohun tó ń sọ ni bí a ṣe lè tún ìgbì kan yà láti inú àwọn ìkà rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa bí ọwọ́ ṣe ń pẹ́. Ìlọ́po 20 sí 40 `fc` ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún lúùpù, lẹ́yìn náà ni mo ń ṣírò dígírì bí mo ti ṣe yìí.

Ìgbì èké

Mo sọ T di 100 ms. Ìdádúró di 150 ms, owó rẹ̀ di 35 dígírì, ó ku 33. Abẹ́rẹ́ dákẹ́. Ó ṣì máa ń kọjá ààlà díẹ̀ bí ẹnìkan bá ṣí ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n ó ń dúró. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pè mí. NẸPA ti lọ, wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀, ìjó sì ti bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà tí mo dé, mo rí i pé ìjó mìíràn ni. Ó lọ́ra, bíi 2.5 ìṣẹ́jú àáyá sí ìfì kan. Bí mo ti ń wò ó, ẹnìkan tan ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá kan. Jẹnẹrétọ̀ kérora díẹ̀, ìfì náà sì fà gùn dé bíi 5 ìṣẹ́jú àáyá. Pọ́ǹpù kò mọ̀ pé ẹnìkan tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ó yẹ kí èyí pe èèyàn sí àkíyèsí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Áàtì jẹnẹrétọ̀ kò so mọ́ ti pánẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ariwo iná ń gba wáyà sẹ́ńsọ̀ wọlé, bíi 40 mV. Sẹ́ńsọ̀ mi jẹ́ ti 0 sí 10 báà, ó ń fi 4 sí 20 mA ránṣẹ́, mo sì gbà á sórí rẹsísítọ̀ 150 ohm, èyí tó sọ ọ́ di 0.6 sí 3.0 V. Lórí ìwọ̀n yẹn, 40 mV jẹ́ bíi 0.17 báà. Iná jẹnẹrétọ̀ ń yí ní 50.4 Hz. Kọ̀ntúróólà ń lajú ní 10 Hz.

Fojú inú wo ẹnì kan tó ń yí po igi kan, tí ìwọ sì ń lajú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó bá yí ìyípo márùn-ún pérépéré. Ibì kan náà ni wàá máa rí i, wàá ní kò kúrò níbẹ̀. Bó bá wá fi ìdá kékeré kan kún ìyípo márùn-ún yẹn, wàá rí i tó ń yọ́ rìn lọ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ eré ló ń sá. Ìgbì èké nìyẹn. Yọ ìlọ́po 10 tó sún mọ́ ọn jù kúrò nínú 50.4:

```
|50.4 − 5 × 10| = 0.4 Hz
```

0.4 Hz jẹ́ ìfì kan ní 2.5 ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù wúwo lórí jẹnẹrétọ̀, iná sọ̀ sí 49.8, ìgbì èké di 0.2 Hz, ìyẹn 5 ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tó burú jù ni pé 0.4 Hz kéré sí `fc` mi. Kọ̀ntúróólà gba irọ́ náà gbọ́, ó ń yára mọ́tò, ó ń dẹ̀ ẹ́, omi gidi nínú páìpù sì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e. Irọ́ ti di òótọ́ lára géèjì.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí géèjì nìkan kò fi lè ṣèdájọ́. Ìdánwò méjì ló ń ya àwọn ìbejì yìí sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́, pa kọ̀ntúróólà, fi dírááfù sí ojú kan, kí o máa kọ ohun tí bọ́ọ̀dù ń kà sílẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà ń jó, ariwo ni. Bí nọ́ńbà náà bá dúró, ìdádúró ni o ń wá. Èkejì ni mo fẹ́ràn jù: yí T padà díẹ̀ ṣoṣo. Mo sọ 100 ms di 102 ms. Ìgbì tó jẹ́ òótọ́ kò ní mọ̀ pé o yí ohunkóhun padà. Tèmi fò láti 0.4 Hz sí bíi 1.4 Hz, ìfì kan ní 0.7 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé ìlọ́po márùn-ún ti di 49.02. Kò sí páìpù omi tó lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Oògùn tó ń pani lára

Mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí níbi iṣẹ́ mìíràn, mo sì ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nọ́ńbà ń jó, a wá kọ asẹ́ sínú kóòdù láti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Jẹ́ ká ní asẹ́ náà jẹ́ ti 0.2 ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbì èké ti di 0.4 Hz kó tó dé inú kóòdù, asẹ́ yẹn á sì yọ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ péré. Àmọ́ ní 0.64 Hz, ó jẹ tó dígírì 39, èmi tí 33 péré ṣẹ́kù fún. Ariwo kò lọ, ìjó àkọ́kọ́ sì padà wá bá a.

Bí ìgbì èké bá ti wọlé, kò sí ohun tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára omi gidi mọ́, nítorí pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń dá a dúró.

Bí mo ṣe tún un ṣe

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà. Mo so áàtì jẹnẹrétọ̀ mọ́ ti pánẹ́ẹ̀lì, mo lọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì mọ́ra, mo sì gbé wọn jìnnà sí wáyà mọ́tò. Ariwo dín kù, kò tán.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣírò owó. Mo ní 68 dígírì, mo fẹ́ kí 50 ṣẹ́kù ó kéré tán, nítorí náà mo lè ná 18. Èyí jẹ́ 18 ÷ (360 × 0.64), ìyẹn 78 ms ìdádúró fún ohun gbogbo: ìdijú, ìṣirò àti asẹ́. Iye yìí ló yẹ kó yan T fún ọ, kì í ṣe nọ́ńbà tó kàn wuni.

Mo yan T ní 20 ms. Kì í ṣe pé ó kéré nìkan. 20 ms ni odindi ìyípo kan iná 50 Hz. Bí a bá ka sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní 1 ms, tí a kó ogún ìkà jọ, tí a sì pín in sí ogún, ìdajì ìgbì tó wà lókè yóò pa ìdajì tó wà nísàlẹ̀ rẹ́. 100 Hz náà á parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá tilẹ̀ sá dé 52 Hz, ohun tó máa yọ́ kọjá kò tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n ìkà 1 ms náà lè ní ìgbì èké tirẹ̀. Dírááfù mi ń tan iná mọ́tò tó sì ń pa á ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 4,000 jẹ́ ìlọ́po 1,000 pérépéré, á sì wọlé bíi nǹkan tó dúró sójú kan tàbí tó ń yọ́ rìn. Kò sí kóòdù tó lè dá èyí dúró. Rẹsísítọ̀ 10 kilohm àti kapásítọ̀ 0.33 µF ni mo fi sí ẹsẹ̀ ibi tí bọ́ọ̀dù ti ń ka sẹ́ńsọ̀, kapásítọ̀ náà sún mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀hún gbágbá. Asẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí gé láti bíi 48 Hz, ó sì ti dín 4,000 Hz kù sí bí ìdá kan nínú 80. Ìdádúró rẹ̀ kò ju 3.3 ms lọ.

Kóòdù rẹ̀ kò gùn:

```c
// lẹ́ẹ̀kan ní 1 ms, láti ọwọ́ timer
void tick_1ms(void) {
  static long sum = 0;
  static int n = 0;
  sum += adc_read();
  if (++n == 20) {
    float y = sum / 20.0f;
    sum = 0; n = 0;
    control_step(y);   // ṣírò, kí o pàṣẹ lójú ẹsẹ̀
  }
}
```

Má fi `delay(20)` ṣe iṣẹ́ timer. `delay(20)` máa ń dúró fún 20 ms lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. T rẹ á wá di 20 pẹ̀lú iye ìgbà tí iṣẹ́ gbà, á sì máa yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ìkó-jọ ogún kò ní bá ìyípo iná mu mọ́.

Owó náà nìyí. Mo ṣì ka ìdijú àti ìṣirò sí ìlọ́po kan ààbọ̀ T, 30 ms, kí n má bàa tan ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòdù yìí ń pàṣẹ lójú ẹsẹ̀. Ìkó-jọ ogún ń fi 9.5 ms kún un, asẹ́ ẹnu ọ̀nà 3.3. Àpapọ̀ jẹ́ bíi 43 ms nínú 78. Ó jẹ dígírì 10, ó ku 58. Ká ní mo yan 40 ms, tí mo sì kó ìkà ogójì jọ, ìdádúró á di 83 ms. Ìyẹn ti kọjá.

Bí o bá ń bá dírááfù sọ̀rọ̀ gba wáyà dátà ní 9600 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, rántí pé ìránṣẹ́ báítì 8 àti èsì báítì 8 nìkan ń gba bíi 17 ms, dírááfù á sì tún ronú lé e kó tó ṣe é. Inú 78 yẹn náà ni wàá ti yọ ọ́. Mo lo ẹnu 0 sí 10 V ti dírááfù, mo sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi bi mí pé, “Ọ̀gá, kí ló dé tí a kò kúkú ṣe ìṣirò náà ní 1 ms pẹ̀lú, kí ìdádúró tán pátápátá?” Ìbéèrè tó dára ni. Ohun tí a máa rí gbà kò pọ̀, nítorí asẹ́ àti dírááfù ṣì ń pẹ́ bí wọ́n ṣe ń pẹ́, a ó sì pàdánù ìkó-jọ tó ń pa 50 Hz. Lórí bọ́ọ̀dù tó ń fi nọ́ńbà odindi ṣírò, ohun mìíràn tún wà. Ohun tí apá tí ń kó àṣìṣe jọ ń fi kún un ní ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe ní ìlọ́po T. Bí T bá kéré jù, àṣìṣe kékeré á di ohun tí kò tó ẹyọ kan, bọ́ọ̀dù á gé e sí òdo. Omi á wá dúró ní 2.93, kò sì ní dé 3 láéláé, bẹ́ẹ̀ gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i

Jẹ́ kí kóòdù gbé ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù kan sókè nígbà tí ìkà ogún bá pé, kó sì gbé e sílẹ̀ nígbà tó bá ti pàṣẹ. Fi ẹ̀rọ awògbì wò ó. Láti ìgbésókè kan sí èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 20 ms láìyẹ̀, bí ibi tó ga sì ti gùn tó ni iye ìgbà tí ìṣirò gbà. Bí àárín wọn bá ń gbọ̀n, nǹkan mìíràn ń dá timer lọ́wọ́ kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi 2.5 báà sí àṣẹ, jẹ́ kó dúró, kí o sì gbé e lọ sí 3.0 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ààyè féèsì bá jẹ́ bí 33, omi á kọjá dé àyíká 3.15, á sì fì nígbà díẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ 58, ìkọjá náà kì í ju 0.05 tàbí 0.06 lọ. Mo ṣe é lórí iná NẸPA, mo sì ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kí n tún un ṣe, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀. Nígbà méjèèjì, omi gòkè dé 3.06, ó padà sí 3.0, abẹ́rẹ́ sì dúró níbẹ̀.